Káàdì ìbéèrè fún dífẹ́ǹsì mi: ibo ni mo ti ṣì í?

Abẹ́ní
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Dífẹ́ǹsì Másítàsì mi ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ìwádìí mi dá lórí bóyá àwọn ìyá tó ń tajà ní ọjà kan n'Ìbàdàn máa ń lọ yẹ ìfúnpá wọn wò. Mo ti kọ káàdì 31, ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì la ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n mo tú méjì sí Yorùbá kí a lè jọ sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ṣe ìdánrawò ní ẹ̀ka wa. Wọ́n ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ènìyàn 378?" Mo ka káàdì mi bí ẹni ń ké ewì:

"Àwọn ìyá 2,400 ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Mo lo ìlànà Yamane, ó fún mi ní 343. Mo fi ìdá 10 nínú 100 kún un nítorí àwọn tí kò ní dá ìwé ìbéèrè padà, ó di 378."

```
n = N / (1 + N(e)^2)
n = 2400 / (1 + 2400(0.05)^2) = 342.86
```

Ọ̀gá kan wá ní, "Kí ni 0.05 yẹn?" Mo ní òun ni ìdánilójú ìdá 95. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Láti ọjọ́ náà oorun ò kun ojú mi mọ́. Kí ni mo ṣì sọ?

Èkejì rèé. Ìbéèrè: "Kí lo rí?" Ìdáhùn: "Jíjìnnà sí ilé ìwòsàn ni kì í jẹ́ kí wọ́n lọ yẹ ìfúnpá wò, p = 0.03."

Báyọ̀ Onígègé
O ò ṣì nǹkan kan sọ, àbúrò. Yọ 5 kúrò nínú 100, 95 ló kù. Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn lọ́jọ́ tèmi, mo sì yege. 378 ni kó o lọ wò. A kì í fi ìdá 10 kún un lásán, ńṣe la máa ń pín in: 343, pín in sí 0.9, 382 ni. Tètè tún un ṣe nínú ìwé rẹ kí wọ́n tó rí i.

Bàbá Olùkọ́
Báyọ̀, o gba ìdajì máàkì.

Abẹ́ní, 0.05 tó wà nínú ìlànà yẹn kì í ṣe 0.05 tí ẹ ń fi p wé. Orúkọ ló jọ. Eléyìí ni àyè tí o fi sílẹ̀ fún àṣìṣe. Ká ní ìwádìí rẹ sọ pé 40 nínú 100 àwọn ìyá náà ló ti lọ yẹ ìfúnpá wò, ohun tó ń sọ ni pé òótọ́ inú ọjà yẹn lè wà láàárín 35 sí 45. Ìdánilójú 95 wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó fara pamọ́. 1.96 ló gbé e dání, wọ́n sì sún un di 2. Wọ́n tún gbà pé ìdajì àwọn ènìyàn náà ló ń ṣe ohun tí ò ń wádìí, torí ibẹ̀ ni iye ènìyàn tí a nílò ti máa ń pọ̀ jù lọ. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. Ìdajì lọ́nà ìdajì jẹ́ 0.25, 4 lọ́nà 0.25 jẹ́ 1. Wọ́n ti di 1, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ ò fi tó wọn.

Bí ó bá ń ṣe ọ́ bíi pé irọ́ ni mò ń pa, fi 0.03 rọ́pò 0.05, kó o sì tún un ṣírò. 343 yóò di 760, ṣùgbọ́n ìdánilójú ò kúrò ní 95 rárá. Ìyẹn gan-an ni kó o fi dá ọ̀gá yẹn lóhùn.

Ní ti 378, má fọwọ́ kàn án! Ìwé 378 lo pín, a kì í padà lọ pín ìwé lẹ́yìn ìwádìí. Báyọ̀ tọ̀nà pé 382 ló yẹ kó jẹ́: bí ìdá 10 nínú 378 bá sọnù, nǹkan bí 340 ló kù, kò tó 343. Mélòó ló padà sọ́wọ́ rẹ?

Abẹ́ní
356 ni, sà.

Bàbá Olùkọ́
Wàhálà tán. 356 ju 343 lọ. Bí wọ́n bá kan 378 lójú rẹ, gbà fún wọn pé 382 ló yẹ, kó o wá sọ 356.

Báyọ̀ Onígègé
Ẹ ṣeun sà. Ẹ̀rù wá ń bà mí ní ti tèmi tó ti kọjá 😂

Ìyá Tòbí, London
Kò yé mi o. Níbí, ènìyàn méjì ló jókòó tì mí, ọ̀kan láti yunifásítì wa, èkejì láti ibòmíràn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó gbà wá ní wákàtí méjì àbọ̀. Kò sí síláìdì kankan. Ìwé mi gan-an ni mo gbé wọlé, mo lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ àwọn ojú ewé tí mo mọ̀ pé wọ́n máa bi mí. Kí lẹ̀ ń gbé káàdì wọ inú yàrá ìdánwò ṣe? Wọn ò ní pè é ní jíbìtì?

Abẹ́ní
Rárá, Mà. Ilé ni mo ti ń fi wọ́n dánra wò, àbúrò mi ló ń bi mí. Àmọ́ bébà aláwọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. N ó kọ nọ́ńbà ojú ewé sí igun káàdì kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùn
Gbogbo yín ń jà lórí nọ́ńbà, káàdì kejì ló ń kó mi láyà sókè. Ọjọ́ kan náà lo bi wọ́n bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó àti bóyá wọ́n ti lọ yẹ ìfúnpá wò. Báwo lo ṣe mọ̀ pé jíjìnnà ló fà á? Àwọn tó ń gbé ọ̀nà jíjìn lè jẹ́ àwọn tí owó wọn kò tó. Mo rí irú wọn ní ibi iṣẹ́: ẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa gan-an kì í wá, torí kò sẹ́ni tó máa bá a dúró ti ọjà.

Bàbá Olùkọ́
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. "Ó bá a rìn" ni kó o sọ, má sọ pé "òun ló fà á."

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un lórí bí káàdì ṣe yẹ kó rí. Káàdì àkọ́kọ́ yẹn sọ bí o ṣe ṣe é, kò sọ ìdí, ìdí ló sì máa ń bí ìbéèrè kejì. Kọ gbólóhùn kan sókè, èyí tí o lè sọ láì tún mí. Fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, kó o kọ ìbéèrè tí gbólóhùn yẹn máa bí. Bí o kò bá lè dá ìyẹn lóhùn, a jẹ́ pé gbólóhùn òkè ò tíì yé ọ.

Abẹ́ní
Mo ti tún wọn kọ. Ẹ wò ó.

*Kí ló dé tó fi jẹ́ 378?* "Mo fẹ́ kí àṣìṣe mi má ju ìdá 5 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ìyẹn gba ènìyàn 343, mo pín ìwé 378, 356 sì padà." Lábẹ́ ìlà: *ibo ni ìdánilójú 95 wà?*

*Kí lo rí?* "Àwọn tí ilé ìwòsàn jìnnà sí ni kì í sábà lọ yẹ ìfúnpá wò, ọjọ́ kan náà ni mo bi wọ́n ní méjèèjì, n kò sì lè sọ pé jíjìnnà ló fà á." Lábẹ́ ìlà: *kí ló tún lè fà á?*

Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ àkọ́kọ́, nǹkan kan yọ sí mi. Àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ nìkan ló wà nínú ìwé 2,400 yẹn. Àwọn tó ń kiri ọjà, tí wọn ò ní ìsọ̀, kò sí nínú rẹ̀. Ṣé kí n kọ káàdì fún ìyẹn?

Báyọ̀ Onígègé
Má fa ọwọ́ ara rẹ. Bí wọn ò bá bèèrè, ìwọ náà dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùn
Kí ó dákẹ́ kẹ̀? Àwọn gan-an ni kì í wá sọ́dọ̀ wa. Kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ.

Bàbá Olùkọ́
Káàdì ni kó o kọ́kọ́ kọ. Bóyá wàá sọ ọ́ kí wọ́n tó bèèrè, sùpáfáísọ̀ rẹ ni kó o bi, òun ló mọ ẹni tó ń bọ̀ láti ìta.