Dẹlífárì, owó ọlọ́kọ̀ àbí ìṣákọ́lẹ̀? Orúkọ fún àwọn ìlà inú ìwé dírẹ́bà

Ọmọ Ọlọ́kọ̀, Agége:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Màmá mi ní dáńfó kan tí dírẹ́bà ń bá a wà. Mò ń ṣe ìwé ìṣirò rẹ̀ sórí fóònù, màmá ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni kí n pe dẹlífárì, owó tí dírẹ́bà ń mú wá fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́? Kí ni kí n pe èyí tí dírẹ́bà ò mú wá pé? Àti àròpọ̀ ìparí ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Olùkọ́ Àgbà, Ọ̀yọ́:
Ìṣákọ́lẹ̀ ni o. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹun, kí ló fi yàtọ̀? Èyí tí kò bá san pé, gbèsè ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ ṣọ́ra pẹ̀lú “ọ̀sẹ̀”, nítorí ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, ọjọ́ mẹ́rin ni.

Dírẹ́bà Àná, Ìyànà-Ìpájà:
Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ìṣákọ́lẹ̀ a máa dúró de ìkórè, ó sì lè jẹ́ iṣu tàbí epo pupa. Kí onílẹ̀ ṣáà ti mọ̀ pé àgbẹ̀ náà ò sọ ilẹ̀ di tirẹ̀ ni. Dẹlífárì ò mọ ìkórè. Èrò wá o, èrò ò wá o, iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí ló gbọ́dọ̀ wọlé lálẹ́. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn epo, owó kọ̀ndọ́ àti owó gáréèjì ni ti dírẹ́bà. Ọ̀sẹ̀ tiwa náà kì í ṣe mẹ́rin, kì í sì í ṣe méje: Mọ́ńdè sí Sátidé ni. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń fi Sọ́ńdè sílẹ̀ fún dírẹ́bà.

“Owó ọlọ́kọ̀” ni èmi ì bá kọ. Má kọ “owó ọkọ̀” o, torí èyí tí èrò ń san fún kọ̀ndọ́ nìyẹn, wọn yóò sì dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Gbèsè yẹn gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀. Jẹ́ ká sọ pé owó ọlọ́kọ̀ jẹ́ 15,000 náírà lójúmọ́, gbèsè 5,000 sì wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mọ́ńdè, ó mú 15,000 wá. Túsìdé, òjò rọ̀, ó mú 12,000 wá. Wẹ́sìdé, 15,000. Tọ́sìdé, jíà kọṣẹ́, ọkọ̀ sùn sọ́dọ̀ mẹkáníìkì látàárọ̀, kò mú nǹkan kan wá. Fúráìdé, ó mú 18,000 wá, ó ní 3,000 inú rẹ̀ ni ti Túsìdé. Sátidé, 15,000. Ro ó pọ̀: 75,000.

Ọlọ́kọ̀ tó bá ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́nà 15,000 jẹ́ 90,000 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé dírẹ́bà kiri nítorí 15,000. Bẹ́ẹ̀ dírẹ́bà ò sùn nílé ní Tọ́sìdé yẹn, ó wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì. Lábẹ́ dẹlífárì, bí kì í bá ṣe àìbìkítà dírẹ́bà ló ba ọkọ̀ jẹ́, ọjọ́ mẹkáníìkì ò ní owó lórí. Iye tó yẹ kó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn jẹ́ 75,000, ó sì wọlé. 5,000 àtijọ́ nìkan ló kù.

Nítorí náà, ìlà méjì ni kó o fà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: “iye tó yẹ” àti “iye tó wọlé”. Ọjọ́ mẹkáníìkì, kọ òdo síbi iye tó yẹ. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e pé 15,000 ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ohun táa ti fẹnu kò sí lánàá ò ṣeé mú ṣe mọ́ lọ́la.

Ohun kan tún wà tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìwé fún òbí wọn. Tí 18,000 Fúráìdé bá dé, wọn á padà lọ fagi lé 12,000 Túsìdé, wọn á sọ ọ́ di 15,000. Ìwé á wá máa sọ 78,000 nígbà tí 75,000 wà lọ́wọ́ màmá. Iye tó wọlé lọ́jọ́ kan, ọjọ́ náà ni ká kọ ọ́ sí, ká má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìyá Alájọ, Mushin:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ ń da ara yín láàmú. Ẹ lo káàdì àjọ! Ojúlé kan fún ọjọ́ kan, ẹni tó bá san, ẹ fàlà sí i. Ẹni tó bá fò, ó fò nìyẹn. Mi ò lé oníbàárà kankan fún ọjọ́ tó fò rí.

Dírẹ́bà Àná:
Ìyá wa, ẹ ṣeun. Owó ara oníbàárà yín ló wà lọ́wọ́ yín, tó bá fò, ara rẹ̀ ló fò. Owó ọlọ́kọ̀ kì í ṣe ti dírẹ́bà rárá.

Ọlọ́kẹ̀kẹ́, Abẹ́òkúta:
Èmi ò sí nínú ọ̀rọ̀ dẹlífárì, háyà pọ́ṣéèsì ni mo wà. Àdéhùn wa: 2,400,000 náírà, 30,000 lọ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì di tèmi. Mo ti san 900,000 kí ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi wá kọ ọ́ síwèé pé: ó kù 1,500,000, gbèsè ọ̀sẹ̀ méjì 60,000, àpapọ̀ 1,560,000. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ́ mi jẹ, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Dírẹ́bà Àná:
Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì sí ọ lọ́rùn. 60,000 yẹn ti wà nínú 1,500,000 tẹ́lẹ̀, kò lè tún jókòó lé e lórí. Ní háyà, ọjọ́ mẹkáníìkì kì í pa owó rẹ́ bíi ti dẹlífárì, ọjọ́ tí wàá parí ló ń sún síwájú. Bí ìwé àdéhùn yín ò bá sọ pé owó ìjìyà wà fún ìdádúró, 1,500,000 náà ló kù.

Akọ̀ròyìn, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin náà ti rí i pé “gbèsè” ò lè dá iṣẹ́ méjèèjì yìí ṣe. “Àjẹsílẹ̀” là ń kọ fún owó oṣù tí ìjọba ò san lásìkò. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ti háyà, àpapọ̀ ohun tó kù láti san, kí á pè é ní “àsankù”. Àjẹsílẹ̀ ọlọ́kẹ̀kẹ́ jẹ́ 60,000; àsankù rẹ̀ jẹ́ 1,500,000; àjẹsílẹ̀ wà nínú àsankù.

Olùkọ́ Àgbà:
Àsankù dára, mo fara mọ́ ọn. Àjẹsílẹ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n “owó ọlọ́kọ̀” gùn jù, “dẹlífárì” sì ni ẹ óò padà máa pè. “Àmúbọ̀” ńkọ́, ohun tí a mú bọ̀ wálé?

Dírẹ́bà Àná:
Bàbá, ẹ lọ sọ “àmúbọ̀” ní Òṣòdì, wọn yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ bọ òrìṣà.

Ọmọ Ọlọ́kọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é báyìí: B ni iye tó yẹ, C ni iye tó wọlé, E1 ni àjẹsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

```
=E1+SUM(B2:B7)-SUM(C2:C7)
```

Ó fún mi ní 5,000 bí ẹ ṣe wí. Màmá gba “àjẹsílẹ̀”, àmọ́ wọ́n ní dẹlífárì ni àwọn yóò máa pe dẹlífárì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́ di ọ̀sán kó tó bàjẹ́ ńkọ́, kí ni kí n kọ síbi iye tó yẹ?

Dírẹ́bà Àná:
Àbọ̀. 7,500.

Ọlọ́kẹ̀kẹ́:
Àbọ̀ kẹ̀? Àárọ̀ nìkan lèrò ń pọ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ di ọ̀sán ti pa ju àbọ̀ lọ.

Dírẹ́bà Àná:
Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, táwọn èrò bá ń darí bọ̀ láti Island? Ẹ̀yin ọlọ́kẹ̀kẹ́ ò mọ ọ̀nà wa.