Húùkù, tẹ́ńpílétì, àti ọ̀rọ̀ ogún fídíò ní ìjókòó kan

Ìyá Alákàrà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní fídíò oúnjẹ kúkúrú. A máa ń jókòó lẹ́ẹ̀kan kọ ọ̀rọ̀ ogún fídíò. A ní tẹ́ńpílétì, gbólóhùn tí a fi àlàfo sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí à ń lò ní àlòtúnlò, a sì ní ìwé kan tí a kó àwọn húùkù sí. Kí ni ká máa pe nǹkan wọ̀nyí ní Yorùbá? Ṣé "ìwọ̀" bójú mu fún húùkù?

Bàbá Onígòjé: Húùkù ti ní orúkọ tipẹ́: ègbè ni. Ibi tí gbogbo agbo ti máa ń bá olórin gbè é. Kí la tún ń wá orúkọ fún?

Ọmọ Pópó: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ti orin kọ́ ni wọ́n ń wí o. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú fídíò ni, èyí tí kò ní jẹ́ kí èèyàn fi ìka rá a kọjá lórí fóònù. Ìwọ̀ dáa, ẹ má da ara yín láàmú. Tẹ́ńpílétì ńkọ́? "Àdàkọ" ni wọ́n ń lò ní Wikipéédíà Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Tíṣà Èdè: Kò tíì parí. Òótọ́ ni ti Wikipéédíà, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n fẹ́ kó hàn ní ojú ewé púpọ̀. Níbí, àlàfo tí a fi sílẹ̀ gan-an ni iṣẹ́. "Gbólóhùn alálàfo" ni mo fara mọ́.

Ibi tí àlàfo wà sì ṣe pàtàkì ní Yorùbá ju bó ṣe rí ní Gẹ̀ẹ́sì lọ. "Ohun mẹ́ta tó ń ba ____ jẹ́": àkàrà, irun, àdìrẹ, gbogbo wọn wọ ibẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ wá wo "Ohun tí wọn ò sọ fún yín ní ____". Ẹ fi Kétu sí i, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọjà sí i, ó di lọ́jà. Ẹ fi Ìbàdàn sí i, ó di n'Íbàdàn. Ẹni tó ń kà á níwájú kámẹ́rà á kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fi àlàfo sẹ́yìn "ní".

Àwọn húùkù tí wọ́n tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì tún nìyẹn: "O ń dín àkàrà lódì." Ta ni à ń pè ní "o"? Ìyá ẹni lè máa wò ó! Ẹ gbé ẹ̀bi náà lé àkàrà lórí: "Kí ló dé tí àkàrà ò fi wú?"

Ìyá Alákàrà: Ẹ ṣé gan-an. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: oúnjẹ mẹ́rin, àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti ẹ̀bà; gbólóhùn alálàfo márùn-ún; ogún pé. Ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn la kọ́kọ́ ń kọ. Lẹ́yìn náà la ó kọ àárín, oúnjẹ kan á tán ká tó bọ́ sí òmíràn.

Ẹ mú "Kí ló dé tí ____ ò fi ____". Ti àkàrà, ìdáhùn wà nílẹ̀: omi pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń lọ ẹ̀wà, wọn ò sì lù ú kí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ kó tó kan òróró. Nígbà tó kan ẹ̀bà, ọmọ kan kọ "Kí ló dé tí ẹ̀bà ò fi dán?" kí iye ṣáà lè pé. Mo ní kó kọ àárín rẹ̀, ó ń wò mí. Irú bẹ́ẹ̀ la máa ń fà nù, ogún kì í sábà pé ogún mọ́.

Ará Lọndọnu: Ti bọ́ọ̀lù lèmi àti àbúrò mi ń ṣe. "Ṣé ẹ mọ̀ pé" ló máa fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo tiẹ̀, torí òun ló yá kọ jù. YouTube máa ń fi ìpín àwọn tó wo fídíò kúkúrú hàn, àti ti àwọn tó rá a kọjá. Èyí àkọ́kọ́ dáa. Bó ṣe ń gbé ìyókù jáde tẹ̀léra, àwọn tó ń rá a kọjá ń pọ̀ sí i. Ẹ lè kọ wọ́n pa pọ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí irú kan náà tẹ̀léra lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé wọn jáde.

Fún húùkù, mo ní "ìdánidúró". Ó ń dá èèyàn dúró.

Tíṣà Èdè: Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn.

Ọmọ Pópó: Ìwọ̀, jàre.

Tíṣà Èdè: Ẹni tó fi ìwọ̀ pẹja máa ń fi ìdẹ bò ó. Ẹ fẹ́ sọ fáwọn tó ń wò yín pé ẹja ni wọ́n?

Ìyá Alákàrà: Gbólóhùn alálàfo ti wọ ìwé wa láti òní. Ti húùkù, "ìbẹ̀rẹ̀" ṣì làwọn ọmọ ń pè é ná.