Dífáàdì táàsì: kí ni ká máa pè é?

Atúmọ̀, Kubwa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń túmọ̀ ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ ẹbí kan tó ń lọ àgbàdo ní Kánò, torí àwọn àgbà tó ní ṣíà níbẹ̀ fẹ́ kà á ní Yorùbá. “Dífáàdì táàsì”, ìyẹn “deferred tax” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni mo há sí. Mo kọ “owó-orí ìdádúró”, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Kí lẹ máa pè é? Kí la sì máa pe ìyàtọ̀ tó ń bí i, èyí tó wà láàárín èrè inú ìwé wa àti èrè tí ìjọba ń gba owó-orí lé lórí?

Olùkọ́ àgbà, Zaria

Ìdádúró kọ́ o, ọmọ mi. Ìdádúró dà bí ìgbà tí wọ́n dá ọkọ̀ dúró ní Lọ́kọ́ja, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí yóò gbéra. Ohun tó yé mi ni pé ilé-iṣẹ́ jẹ ìjọba lówó, ìjọba sì gbà kó san án tó bá yá. “Gbèsè owó-orí àsúnsíwájú” ló tọ́. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé gbèsè ni, àti pé wọ́n sún un síwájú.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Kàdúná

Ẹ ṣeun, Bàbá. Èmi gan-an ti ní irú rẹ̀ rí. Ní 2018, owó-orí mi pọ̀ ju agbára mi lọ, mo lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, wọ́n ní àwọn kò rí ìkẹta. Mo gbé rìsíìtì báǹkì kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ pè é ní “owó-orí àsandíẹ̀díẹ̀”, ó ti parí.

Akáǹtáǹtì, Wuse

Màmá, ẹ kú ìfaradà, ẹ má sì sọ rìsíìtì yẹn nù. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tiyín kọ́ nìyí. Gbèsè tiyín wà nínú fáìlì ìjọba, wọ́n sì lè wá yín wá nítorí rẹ̀. Èyí tí ará Kubwa ń béèrè kò sí nínú fáìlì ìjọba kankan. Inú ìwé ilé-iṣẹ́ nìkan ló wà. Kò sí òṣìṣẹ́ owó-orí tó lè kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀ lónìí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba “gbèsè” lọ́wọ́ Bàbá wa ní Zaria, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú “àsúnsíwájú” wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo kan ṣe é. Ká ní wọ́n rà á ní 2021, ní 20 mílíọ̀nù náírà, ilé-iṣẹ́ náà sì wà lára àwọn ńlá tó ń san 30 nínú 100. Ká tún ní èrè wọn, kí wọ́n tó yọ ohunkóhun nítorí ẹ̀rọ, jẹ́ 30 mílíọ̀nù lọ́dọọdún. Nínú ìwé tiwọn, wọ́n gbà pé ẹ̀rọ náà yóò gbó tán lọ́dún márùn-ún, wọ́n wá ń yọ 4 mílíọ̀nù lọ́dún fún gbígbó rẹ̀. Èrè inú ìwé di 26 mílíọ̀nù. Bí a bá gba 30 nínú 100 lórí ìyẹn, owó-orí jẹ́ 7.8 mílíọ̀nù.

Ìjọba kì í bá wa ka ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Àláwáǹsì tirẹ̀ ló ń fúnni, ìyẹn iye tó gbà kí a yọ kúrò nínú èrè nítorí ẹ̀rọ. Nínú òfin tó wà nígbà náà, ẹ máa kọ́kọ́ yọ ìdajì iye ẹ̀rọ lọ́dún tí ẹ rà á. Ẹ pín ìdajì tó kù sí mẹ́rin, kí ẹ máa yọ ìdá kan lọ́dọọdún, láti ọdún àkọ́kọ́ yẹn kan náà. Náírà mẹ́wàá péré ni òfin ní kó ṣẹ́ kù nínú ìwé títí ẹ ó fi ta ẹ̀rọ náà. Mo fojú fò ó níhìn-ín, àmọ́ ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 2021, àláwáǹsì jẹ́ 10 mílíọ̀nù pẹ̀lú 2.5. Èrè lójú ìjọba di 17.5 mílíọ̀nù, owó-orí sì jẹ́ 5.25 mílíọ̀nù.

Ìwé wa ní 7.8, ìjọba gba 5.25. 2.55 mílíọ̀nù tó wà láàárín wọn ni ọ̀rọ̀ tí a ń wá orúkọ fún. Ẹ wo bó ṣe padà: lọ́dún kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, àláwáǹsì kù sí 2.5, owó-orí wá di 8.25. Lọ́dún karùn-ún kò sí àláwáǹsì mọ́ rárá, owó-orí di 9. Ẹ ro ohun tí wọ́n san fún ọdún márààrún pọ̀, 39 mílíọ̀nù ni. Ẹ wá ka 7.8 lẹ́ẹ̀marùn-ún, 39 náà ni. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù, kọ́bọ̀ kan kò lé.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lópin ọdún nìyí. Ní ìparí 2021, ẹ̀rọ náà ṣẹ́ku 16 mílíọ̀nù nínú ìwé wa, 7.5 nínú ìṣirò ìjọba. Ìyàtọ̀ jẹ́ 8.5, 30 nínú 100 rẹ̀ sì ni 2.55 wa. Ní ìparí 2022, 12 kojú 5, ìyàtọ̀ jẹ́ 7, 30 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 2.1. Ibí yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti máa ń yọ̀ ṣubú: wọ́n á tún kọ 2.1 yẹn sílẹ̀ bí ìnáwó tuntun. 2.1 ni ohun tó yẹ kó ṣẹ́ kù nínú ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà ni pé 0.45 padà. Ẹ yọ 0.45 kúrò nínú 8.25 tí wọ́n san, ẹ ó bá 7.8 níbẹ̀.

Ní ti “gbèsè”, ká ní ìjọba ti ṣòfin kí 2021 tó parí pé 25 nínú 100 ni wọn yóò máa gbà láti ọdún tó tẹ̀ lé e. 2.55 mílíọ̀nù yẹn yóò di 2.125 lọ́gán, torí iye tí wọn yóò gbà lọ́jọ́ tó bá padà la fi ń ṣírò rẹ̀. Gbèsè wo ló ń fọn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a san nǹkan kan?

Ọmọ Jos

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá wá bu owó ìtanràn 1 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún yẹn ńkọ́? Ìwé wa yọ ọ́, ìjọba kò gbà ká yọ ọ́. Ìyàtọ̀ náà nìyẹn. Ṣé ó ní dífáàdì táàsì tirẹ̀? Àti pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ “ìyàtọ̀ onígbà díẹ̀”. Ṣé ìyẹn kò tó?

Akáǹtáǹtì, Wuse

Kò ní. Ìjọba kò gbà á lónìí, kò ní gbà á lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ọjọ́ tí ìwé méjèèjì máa pàdé lórí rẹ̀. Wò ó: èrè inú ìwé di 25 mílíọ̀nù, owó-orí inú ìwé ṣì jẹ́ 7.8. Ìyẹn di 31.2 nínú 100 dípò 30. Tí mo bá ti rí irú iye yẹn nínú ìròyìn, mo ti mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí kò ní padà, màá sì wá a jáde.

“Onígbà díẹ̀” kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ilé tí ìwé wa fún ní àádọ́ta ọdún, tí àláwáǹsì rẹ̀ tán lọ́dún mẹ́wàá, yóò gba ogójì ọdún kí ìyàtọ̀ rẹ̀ tó tán. Ṣé ìyẹn ni ìgbà díẹ̀? Pípadà ló ṣe pàtàkì, bó pẹ́ bó yá. Mo ń rò ó bóyá “ìyàtọ̀ àpàdé”.

Olùkọ́ àgbà, Zaria

Àpàdé! Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, bí wọ́n ti ń ṣe lórí fóònù, ẹlòmíràn á kà á sí àpáàdì. Àwọn àgbà Kánò á ní ìwọ ń kó èéfọ́ ìkòkò wá bá àwọn.

Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ yé báyìí, mo sì kó “gbèsè” mi kúrò ńlẹ̀. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, Yorùbá ti ní orúkọ fún un: tàlọtàbọ̀. “Ìyàtọ̀ tàlọtàbọ̀.” Ti owó ìtanràn yẹn, ẹ rántí àwọn ẹranko tó ń kí kìnnìún nínú ihò, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó wọlé nìkan ni wọ́n ń rí. Àlọ rámirámi là ń rí, a kì í rí àbọ̀ rámirámi. “Ìyàtọ̀ àlọ-rámirámi.” Owó-orí fúnra rẹ̀ wá di “owó-orí tàlọtàbọ̀”.

Ọmọ Jos

Bàbá, méjì àkọ́kọ́ dùn púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni wàhálà. “Owó tàlọtàbọ̀” lẹ́nu àwa tó ń gbé òkè ọya ni owó mọ́tò lílọ àti bíbọ̀. Wọ́n á rò pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ san owó mọ́tò wọn wá sípàdé ni.

Akáǹtáǹtì, Wuse

Ẹ̀rín pa mí. Èmi fara mọ́ “ìyàtọ̀ tàlọtàbọ̀” tọwọ́tẹsẹ̀. Fún owó-orí náà, “owó-orí ọjọ́ iwájú” ni màá mú, torí ó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. A kò tíì sọ ẹ̀gbẹ́ kejì rárá. Ká ní ilé-iṣẹ́ náà fojú bù ú pé nínú owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n, 2 mílíọ̀nù lápapọ̀ lè má wọlé, wọ́n sì yọ ọ́ nínú èrè. Ìjọba kì í gba ìfojúbù lásán. Ó di ìgbà tí ẹ bá lè nàka sí oníbàárà kan pàtó pé owó ti ọwọ́ ẹni yìí ti bàjẹ́. Níbí, àwa la kọ́kọ́ san ju ti ìwé wa lọ, 600,000 náírà sì ń bọ̀ wá dín owó-orí wa kù lọ́jọ́ iwájú. Ìlànà àgbáyé IAS 12 tí àwa akáǹtáǹtì ń tẹ̀ lé pe ìyẹn ní ohun ìní, ó sì ní kí a má kọ ọ́ sílẹ̀ bí kò bá dájú tó pé èrè máa wà tí a ó fi jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìdádúró, àsúnsíwájú, gbèsè, kò sí èyí tó lè ru tibí yìí.

Olùkọ́ àgbà, Zaria

Ẹ ṣe é. Àmọ́ owó-orí ọdún tó ń bọ̀, èyí tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa èrè rẹ̀, òun náà kọ́ ni owó-orí ọjọ́ iwájú? Báwo ni òǹkàwé ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀? Mi ò tíì gbà.

Akáǹtáǹtì, Wuse

Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Mi ò ní èsì sí i.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Kàdúná

Ẹ má bínú pé mo ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ra ààrò búrẹ́dì ní 2021, ọjà mi kò sì tó mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́dún mọ́. Ṣé èmi náà ní tàlọtàbọ̀?

Akáǹtáǹtì, Wuse

Ẹ lè ní ìyàtọ̀ náà, Màmá, ẹ kò ní owó-orí rẹ̀. Láti ìgbà òfin ìṣúná 2019, ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ kò kọjá iye yẹn kì í san owó-orí èrè. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì 2026 tún gbé ààlà náà sókè. Òdo nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ yòówù, òdo ni. Tí ọjà yín bá wá ń gorí dé bèbè ààlà yẹn, ẹ pè mí kí ọdún tó parí.

Atúmọ̀, Kubwa

Mo ti kọ ọ́ báyìí: “Owó-orí ọjọ́ iwájú láti inú ìyàtọ̀ tàlọtàbọ̀ lórí ẹ̀rọ”, lábẹ́ rẹ̀ ni “Èyí tó padà lọ́dún yìí”. Mo ka ìlà méjèèjì fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà lórí fóònù. Ìlà kejì yé e kíá. Lórí ti àkọ́kọ́, ó ní, “Ọjọ́ iwájú wo?” Bàbá Zaria, ó jọ pé ẹ̀yin méjèèjì ti jọ sọ̀rọ̀.