Èébì ń gbé mi, ẹsẹ̀ mi ń ṣe mí yìnrìnyìnrìn, irun mi sì ń re: ṣé àwọn fítámì tí mò ń lò ni?

Ìyá Tómi, Mánṣẹ́sítà

Mo kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ń rú mi lójú, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa oògùn bá mi dá sí i, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n fún mi láti rí dókítà ṣì jìnnà díẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni irun iwájú orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, mo sì ra fítámì kan tí wọ́n ń tà fún irun àti èékánná. Ẹyọ kan lójúmọ́ ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi ní méjì ló ń ṣiṣẹ́ fún irun àwa aláwọ̀ dúdú, méjì náà ni mo sì ń lò. Mo tún ní fítámì gbogbo-nìṣe kan tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀, mo sì ń jẹ ẹ̀pà Bràsíl márùn-ún láràárọ̀ nítorí wọ́n ní ó dára fún irun. Nígbà tó yá, èébì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi bí mo bá ti jí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ń ṣe mí yìnrìnyìnrìn bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá fún mi ní fítámì B alágbára tí wọ́n ń lò fún pajápajá. Láti ìgbà tí mo ti fi èyí kún un, ó ti gòkè dé kókósẹ̀, ó sì ti mú mi ní orí ìka ọwọ́. Irun tí mo tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń re ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ mi tún ní ẹnu mi ń rùn bí aáyù, bẹ́ẹ̀ n kò jẹ aáyù.

Ṣé kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró ni, àbí kí n máa lo ti pajápajá yẹn nìṣó, nígbà tó jẹ́ pé òun ló yẹ kó wò mí sàn?

Alàgbà Délé, Abẹ́òkúta

Ẹ má fòyà, ìyá wa. Inú omi ni fítámì B máa ń yọ́ sí, èyí tí ara kò bá sì nílò yóò bá ìtọ̀ jáde. Ẹ wo bí ìtọ̀ yín ṣe ń pọ́n rẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó. Fítámì A ni kí ẹ yẹ̀ wò lára àwọn ìgò yẹn, nítorí òun ni í kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀, àpọ̀jù rẹ̀ a sì máa mú kí irun re, kí ètè gbẹ, kó sì máa bó. Ẹ máa lo B yín lọ.

Rónkẹ́ Onírun, Pẹ́kámù

Ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú irun báyìí. Irun dídì tó le jù àti gáàmù wíìgì ló ń jẹ iwájú orí, kì í ṣe oògùn. Ẹ sinmi irun dídì fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì wá bayọ́tìnì, fítámì tó sábà máa ń wà nínú oògùn irun, kó pọ̀ dáadáa, irun yóò padà.

Apoògùn Kúnlé, Lẹ́ẹ̀dì

Ìyá Tómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun kún ohun tí ẹ ń lò, ì báà jẹ́ bayọ́tìnì. Ẹ kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ẹ yí ẹ̀yìn wọn sókè, kí ẹ wo iye fítámì B6 tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní pirídóksìnì, àti iye sẹlẹ́níọ̀mù, èròjà kan tí díẹ̀ rẹ̀ tó ara. Ẹ wo fítámì A náà, nítorí òótọ́ ni Alàgbà sọ lórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fọ́nrán irun tó re, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ níbi tí iná wà. Bí kókó funfun kékeré kan bá wà ní ìdí rẹ̀, láti gbòǹgbò ló ti jáde wá. Bí kò bá sí, tó sì dà bí ẹni pé ó dá láàárín, a jẹ́ pé ohun tí Rónkẹ́ ń sọ lè wà nínú rẹ̀. Ẹ wo èékánná yín pẹ̀lú.

Ìyá Tómi, Mánṣẹ́sítà

Ẹ ṣeun. Kókó funfun wà ní ìdí èyí tó pọ̀ jù nínú irun náà. Èékánná mi ń ya ní ẹ̀gbẹ́, ìlà funfun sì dábùú méjì nínú ti ọwọ́ ọ̀tún. Ti ìgò: gbogbo-nìṣe ní B6 mílígíráàmù 10 àti sẹlẹ́níọ̀mù máíkírógíráàmù 55. Ti irun ní B6 mílígíráàmù 5 àti sẹlẹ́níọ̀mù 100 nínú ẹyọ kan. Ti pajápajá ní B6 mílígíráàmù 100, kò sì ní sẹlẹ́níọ̀mù. N kò rí fítámì A lára wọn, àfi díẹ̀ nínú gbogbo-nìṣe, iye rẹ̀ kò sì tó ti ojúmọ́ kan.

Apoògùn Kúnlé, Lẹ́ẹ̀dì

Ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. B6 ti gbogbo-nìṣe jẹ́ 10, ti irun ẹyọ méjì jẹ́ 10, ti pajápajá jẹ́ 100, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mílígíráàmù 120 lójúmọ́. Ohun tí ara obìnrin nílò kò ju mílígíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ju 10 lọ lójúmọ́ nínú oògùn àfikún láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó lò ó. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti ilẹ̀ Yúróòpù fi òpin tiwọn sí 12. Ní Amẹ́ríkà, 100 ni. Ẹ ti kọjá gbogbo rẹ̀.

Sẹlẹ́níọ̀mù ni ẹ kò fojú sí. Ti gbogbo-nìṣe àti ti irun jẹ́ 255, kí a tó ka ẹ̀pà. Ẹ̀pà Bràsíl ni oúnjẹ tí sẹlẹ́níọ̀mù pọ̀ sí jù nínú gbogbo èyí tí a ń jẹ, ẹyọ kan sì lè ní 50 sí 90 máíkírógíráàmù, ó kù sọ́wọ́ ilẹ̀ tí igi náà ti hù. Bí ẹ bá jẹ márùn-ún, ó ti di 250 sí 450. Ẹ̀yin wà láàárín 505 àti 705 nìyẹn, nígbà tí NHS dúró sí 350. Òórùn aáyù lẹ́nu, èékánná tó ń ya, irun tó ń re láti gbòǹgbò àti èébì tó ń gbé ènìyàn, gbogbo rẹ̀ ló bá àpọ̀jù sẹlẹ́níọ̀mù mu.

Alàgbà, ẹ má bínú. Ìtọ̀ tó ń pọ́n yẹn, fítámì B2 ló ń ṣe é, kò sì sọ ohun kankan fún wa nípa B6. Òótọ́ ni pé inú omi ni B6 ń yọ́ sí, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ lójoojúmọ́, a máa ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá sí ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Láti ọdún 1983 ni àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa àwọn tó lo gíráàmù méjì sí mẹ́fà lójúmọ́ tí wọn kò sì lè dá rìn dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni í ti bẹ̀rẹ̀, lọ́gbọọgba, kó tó gòkè dé ọwọ́. Agbára wà nínú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í mọ ibi tó wà. Ìyá Tómi, bí ẹ bá dìde dúró ní ìbàlùwẹ̀ tí ẹ sì dijú láti fọ ọṣẹ kúrò lójú, ṣé ẹ máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́?

Ìyá Tómi, Mánṣẹ́sítà

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo di ògiri mú. Mo rò pé oorun ni.

Apoògùn Kúnlé, Lẹ́ẹ̀dì

Ẹ dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lónìí, ẹ má dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀pà náà sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dá a dúró sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé yìnrìnyìnrìn ti B6 lè máa le sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti dá a dúró, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti torí èyí padà sí oògùn náà, tí wọ́n rò pé dídá a dúró ló fa á. Èébì ni yóò kọ́kọ́ lọ. Irun kò ní padà kí oṣù mélòó kan tó kọjá.

Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé B6 nìkan ló wà nídìí ẹsẹ̀ yín, nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó rí ti pajápajá. Sẹlẹ́níọ̀mù lè ṣe é, ìtọ̀ ṣúgà lè ṣe é, àìtó B12 náà lè ṣe é, pàápàá bí ẹ bá ń lo mẹ́tífọ́mìn, oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ pe ọ́fíìsì dókítà yín lọ́la, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí wọ́n lè fa ọjọ́ yín sún mọ́. Bí apá kan ara bá ṣàdédé kú, tí ẹnu yí tàbí ọ̀rọ̀ lọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fítámì, 999 ni kí ẹ pè.

Ẹ gbé àwọn ìgò náà lọ. Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ pé ẹ ti lo bayọ́tìnì, nítorí ó lè mú kí àyẹ̀wò táírọ́ìdì parọ́. Bí ó bá sì pẹ́ kí wọ́n tó yẹ B6 wò, tí iye rẹ̀ sì jẹ́ déédéé, kò túmọ̀ sí pé kò ṣe ohunkóhun nígbà tí ẹ ń lò ó.

Bàbá Ìbejì, Àtìláńtà

Mo fẹ́ fi kún un pé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2008, níbí ní Amẹ́ríkà, àfikún olómi kan jáde tí sẹlẹ́níọ̀mù inú rẹ̀ fi ìgbà 200 pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ lọ. Ènìyàn 201 ló kó àìsàn ní ìpínlẹ̀ 10, irun wọn re, èékánná wọn ń bọ́. Ìṣirò tí ẹ ṣe yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ má ka á sí òpin ọ̀rọ̀.

Ṣadé, Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù o. Wọ́n fún ìyá mi ní B6 pẹ̀lú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn. Mo ti ní kí wọ́n má lò ó mọ́ láti alẹ́ òní.

Apoògùn Kúnlé, Lẹ́ẹ̀dì

Ṣadé, ẹ jẹ́ kí màmá padà sí i lálẹ́ yìí gan-an. Nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni aisoníásìdì wà, èyí tó máa ń fa B6 ara tán, yìnrìnyìnrìn náà sì ni àìtó rẹ̀ ń fà. Díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, 10 sí 25 mílígíráàmù lójúmọ́, ẹni tó kọ oògùn náà sì mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí a ń dá dúró fúnra wa ni ohun tí a rà fúnra wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí aboyún má ṣe fúnra rẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fólíìkì tí wọ́n kọ fún un dúró.

Alàgbà Délé, Abẹ́òkúta

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti ń lo B6 mílígíráàmù 50 fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Báwo ni ti òun ṣe jẹ́?

Apoògùn Kúnlé, Lẹ́ẹ̀dì

Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn lo iye tó kéré sí ìyẹn ó sì ṣe é, ẹlòmíràn lo 100 kò rí nǹkan kan. Kò sí ẹni tó lè wo ènìyàn lójú kó mọ èyí tó máa jẹ́. Bí mo bá jẹ́ àbúrò yín, n óò bi ara mi ní ohun tí mo ń lò ó fún.

Rónkẹ́ Onírun, Pẹ́kámù

Mo máa ń ta irú oògùn irun yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀gbọ́n, bí oníbàárà bá béèrè, ẹ̀pà Bràsíl mélòó ni kí n sọ fún wọn?

Apoògùn Kúnlé, Lẹ́ẹ̀dì

Ẹyọ kan tàbí méjì lójúmọ́ tó, fún ẹni tí kò bá lo fítámì tó ní sẹlẹ́níọ̀mù. Fún ẹni tó ń lo oògùn irun yẹn, ẹ má fi ẹ̀pà kún un rárá.