Gbogbo gúùdù bọ́ sọ́dọ̀ wa lórí àtẹ, ìgbìmọ̀ ò sì gbà á gbọ́. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo máa ń ra ẹja láàárọ̀ kùtù ní ọjà Olúwò, àrọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń rà, a ó pa á, a ó fọ̀ ọ́, a ó gé e, a ó kó o sínú kúlà tí yìnyín wà nínú ẹ̀, ọmọ tó ń ṣe dísípáàṣì fún wa á wá gbé e lọ fún kọ́sítọ́mà láti Sàngótẹ̀dó dé Lẹ́kí. Oṣù kẹrìnlá rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń rà déédéé ò sì ju ogójì lọ. Mo fẹ́ yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kí n fi ra fúrísà ńlá, wọ́n wá ní kí n ṣe àtẹ kan wá tó máa fi èmi àti àwọn tá a jọ ń ta ẹja wéra.

Àbúrò mi ọkùnrin bá mi ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ó wuyì lójú. Ìlà mẹ́fà ló fi síbẹ̀: ẹja tútù ni, ó mọ́, à ń gbé e délé, a máa ń tètè dáhùn lórí Wásáàpù, páálí wa dáa, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wá. Gúùdù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún wa, àwọn ìyá tó ń tà lọ́jà gba méjì, àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín gba ẹyọ kan, súpámákẹ́ẹ̀tì gba méjì. Mo tẹ́ ẹ síwájú ìgbìmọ̀, bàbá kan wò ó wò ó, ó ní "tó bá rí báyìí, kí ló dé tí ìyàwó mi ṣì ń wọ mọ́tò lọ sí Olúwò fúnra ẹ̀ ní gbogbo Sátidé?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ parọ́, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu ara mi ba ọjà mi jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Dádì Ìbejì

Kò le rárá. Fi ìlà kan sí i tẹ́ ẹ̀yin ò ti ní gba gúùdù, tí wọ́n bá ti rí àléébù kan ọkàn wọn á balẹ̀. O lè kọ ọ́ pé àwọn tó ń tẹ̀ lé yín lórí Ínsítágíráàmù ò tíì pọ̀. Ó parí.

Bọ́ọ̀sì Kọ̀ǹpútà

Kọ́lọ̀ wo lẹ lò? Ẹ fi àwọ̀ ewé sí tiyín, kẹ́ ẹ fi eérú sí ti àwọn tó kù, ojú èèyàn á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín tún un ṣe, mi ò ní gbowó púpọ̀.

Àǹtí Ìṣirò (Ìkòròdú)

Bọ́ọ̀sì, kì í ṣe ti kọ́lọ̀ ló ń béèrè o. Dádì Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ gba ibì kan, ẹ sì ṣi ibì kan. Òótọ́ ni pé ó yẹ kí ìlà tó ti kùnà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń torí Ínsítágíráàmù ra àrọ̀? Àléébù tí kò lé kọ́sítọ́mà kankan lọ rí, ẹ̀ṣọ́ lásán ni, bàbá tó béèrè ìbéèrè yẹn á sì rí i.

Ọmọ Ẹlẹ́ja, àtẹ yẹn ti bàjẹ́ kí àbúrò ẹ tó fi gúùdù kan ṣoṣo síbẹ̀. Inú ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe lẹ ti mú ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ fúnra yín lẹ ṣe ìbéèrè, ẹ̀yin náà lẹ dáhùn, báwo lẹ ṣe fẹ́ kùnà? Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe irú àtẹ yìí níbi iṣẹ́ kan tí mo ti kúrò, gbogbo ìlà tá a bá ti kùnà ni ọ̀gá wa máa ń ní kí n pa rẹ́, tí kọ́sítọ́mà bá wá ń lọ, àwa tá a ṣe àtẹ ló máa ń bi pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Pe èèyàn mẹ́wàá, márùn-ún tó ṣì ń rà, márùn-ún tó ti dáwọ́ dúró, àwọn tó ti dáwọ́ dúró yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì. Má bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ràn ẹja ẹ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn ẹ̀. Bi wọ́n pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti ra ẹja kẹ́yìn, kí ni wọ́n sì rò kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ onítọ̀hún. Bó bá ṣe jáde lẹ́nu wọn ni kó o kọ ọ́. Ohun tó bá ti ẹnu ẹni mẹ́ta jáde, ìyẹn ni ìlà. Tó o bá kọ ìlà tán, fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kì í ṣe ará ilé ẹ, kó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó o máa kọ síbẹ̀, torí tó o bá ti rí èsì tán, ọwọ́ ẹ á máa yún ọ láti yí ìlà padà.

Má fi gúùdù síbẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ni, tàbí ohun tójú ẹ rí, àti ọjọ́ tó o rí i. Èyí tó ò bá mọ̀, kọ "a ò mọ̀". Òfìfo tó wà lábẹ́ àwọn ìyá ọjà níbi "à ń gbé e délé", ṣé àbúrò ẹ bi wọ́n ni, àbí ó kàn rò pé wọn kì í gbé e? Lára àwọn tó ò ń fi ara ẹ wé, fi ẹni tó ń lọ sọ́jà fúnra ẹ̀ kún un. Ìyàwó bàbá yẹn wà ńbẹ̀.

Ìyá Alágbọn (Àgbádárìgì)

Èyí ta bá èmi náà. Àdín àgbọn ni mò ń ṣe, àwọn tó wà nínú ike ní súpámákẹ́ẹ̀tì ni mo fi wé ara mi, mo sì ń na gbogbo wọn lórí ìwé. Nígbà tí mo wá bi àwọn kọ́sítọ́mà, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ ń wo ike súpámákẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé kí àwọn ra tèmi ni, àbí kí àwọn ra àgbọn kí àwọn rin ín kí àwọn fún un nílé, torí àgbọn ò wọ́n wọn lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹni tí mò ń bá du ọjà ò sí lórí àtẹ mi rárá.

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo padà dé, ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Ẹni mẹ́sàn-án ló dá mi lóhùn, ohun mẹ́rin ló ń tún jẹyọ: iye tí ẹja jẹ́ tó bá dé inú ìkòkò, ṣé àwọn fojú rí i láàyè kí wọ́n tó pa á, aago tó dé, àti àwìn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ páálí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ Ẹ̀pẹ́.

Ní Sátidé mo ní kí ọ̀rẹ́ mi ra àrọ̀ kílò márùn-ún lọ́dọ̀ ìyá kan ní Olúwò tó máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn nínú mọ́tò (wọ́n ń gbé e délé o! àbúrò mi ò béèrè), kó tún ra kílò márùn-ún lọ́dọ̀ wa bíi kọ́sítọ́mà lásán, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò mọ̀, kó sì wọn méjèèjì lórí síkéèlì kan náà nílé ẹ̀ ní Sàngótẹ̀dó. Ti ìyá yẹn ₦4,000 ni kílò, ₦20,000, owó mọ́tò ₦1,500. Tiwa ₦4,800, ìyẹn ₦24,000, dísípáàṣì ₦3,000. ₦21,500 sí ₦27,000, ẹkún fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn wọn ẹja láàyè kó tó pa á, 4.2 ni síkéèlì kà nígbà tó délé. Àwa, lẹ́yìn tá a bá ti kó ìfun jáde la máa ń wọ̀n, 5 ló pé. Tá a bá pín in, kílò kan tó wọ ìkòkò jẹ́ bíi ₦5,120 lọ́dọ̀ ìyá yẹn, ₦5,400 lọ́dọ̀ wa. Àwa la ṣì wọ́n jù, àmọ́ bíi ₦280 ni.

Ti aago ló dùn mí jù. Ẹja ìyá yẹn dé ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tiwa tá a ní á dé ní aago mẹ́wàá, aago kan ọ̀sán ti kọjá kó tó dé, torí ọmọ dísípáàṣì kọ́kọ́ gbé ti Lẹ́kí lọ. Yìnyín inú kúlà ti di omi.

Dádì Ìbejì

Fi ti ₦280 yẹn síbẹ̀, ó dáa fún ẹ. Ti aago yẹn fi sílẹ̀, ọjọ́ kan péré ni, ó lè jẹ́ gosìlóò.

Àǹtí Ìṣirò (Ìkòròdú)

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọn ẹja o, tí ọjọ́ kan ò bá tó fún aago kò tó fún ìwọ̀n náà nìyẹn. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí ọ̀kan bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, kó o kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, má yan èyí tó dùn jù. Kó o sì bi ọ̀rẹ́ ẹ pé ṣé orí ẹja ìyá yẹn wà ńbẹ̀. Tí wọ́n bá ti gé orí dànù, 4.2 yẹn kì í ṣe ìfun nìkan, tí orí bá sì wà nínú tiyín ẹ ò wọn nǹkan kan náà. Àwọn kan ń fi orí se ọbẹ̀, àwọn kan ò fẹ́ ẹ.

Nǹkan kejì. Wo ìlà mẹ́rin tó o rí yẹn dáadáa, kó o bi ara ẹ pé èwo ni fúrísà máa tún ṣe nínú wọn.

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Orí wà nínú tiwa. Mi ò mọ ti ìyá yẹn, màá béèrè.

Ti fúrísà… mo ti wò ó láti àárọ̀. Ẹni tó fẹ́ rí ẹja láàyè, fúrísà ò ṣe é lóore, ó tiẹ̀ máa sọ mí di ọ̀kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín. Ti aago, ẹni tó máa gbé e ni mi ò ní tó, kì í ṣe ibi tí mo máa tọ́jú ẹ̀ sí. Àfi bóyá tí ẹja bá wọ́n lọ́jọ́ kan, mo lè ti ra ti tẹ́lẹ̀ pamọ́, ìyẹn lè dín ₦280 yẹn kù díẹ̀. Ṣé kí n wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé fúrísà tí mo béèrè kọ́ ni mo nílò?

Ìyá Alágbọn (Àgbádárìgì)

Sọ fún wọn. Àmọ́ ti àwìn yẹn, ìyá ọjà mọ ilé àwọn tó ń tà fún, ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Mo ta àwìn lọ́dún kan, mi ò tíì rí gbogbo owó mi gbà. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò ṣe é, kó o sì kọ ìdí ẹ̀.

Dádì Ìbejì

Èmi ò ní kọ ti àwìn fún alájẹṣẹ́kù láé. Wọ́n á ní kó o lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, owó wọn ló sì máa há síta. Àtẹ tí èèyàn fi ń tún ilé ẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé jáde.

Àǹtí Ìṣirò (Ìkòròdú)

Lórí ìyẹn mi ò lè bá yín jiyàn dópin, mo ti rí i kó gbè èèyàn, mo sì ti rí i kó pa èèyàn lára. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyàwó bàbá yẹn mọ̀ pé wọ́n ń ta àwìn ní Olúwò.

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Ọ̀rẹ́ mi ti gbà láti tún rà á ní Wẹ́sídeè àti Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti ní kó ya fọ́tò síkéèlì àti aago ara ògiri papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tún ti wá ọmọ dísípáàṣì kejì tó máa gba ti Sàngótẹ̀dó nìkan, màá mú un lò ní Wẹ́sídeè yẹn kí n rí aago tó máa dé.