Àbọ̀ lórí fọ́tò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí mo gbé wá

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn fọ́tò yìí: ṣé ojúlówó ni ọ́ìlì lítà 4 àti ti lítà 1 yìí?”

Mo ti dá wọn padà. Kóòdù tí wọ́n tẹ̀ sára ike ló tú àṣírí wọn. Ẹni tó sọ níbí pé bí kóòdù bá ti jọra, ayédèrú ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tọ̀nà tán: ike inú páálí kan náà lè ní kóòdù kan náà. Bàbá mẹkáníìkì ló ní kí n fi ti lítà 4 wé ti lítà 1. Bákan náà ni wọ́n, títí dé wákàtí àti ìṣẹ́jú tí wọ́n rọ ọ́! Ẹ̀rọ wo ló ń rọ méjèèjì pọ̀?

Fọ́tò ìdérí tí mo yà láti òkè kò wúlò. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni gúlúù gbígbẹ hàn láàárín òrùka abẹ́ ìdérí àti ọrùn ike. Ojú ìsopọ̀ ike náà rí ṣákiṣàki, àmọ́ mi ò gbára lé ìyẹn nìkan. Ti lébẹ́ẹ̀lì kò tíì yé mi, torí Wásáàpù máa ń sọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ di bàìbàì.

Ẹ ṣé o. Ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè bóyá ọ́ìlì 20W-50 dára fún Kòrólà, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín. Bí wọ́n bá sì rọ ọ́ìlì míì sínú ike ojúlówó, fọ́tò lè má fi hàn.