Kíìkì kì í ṣe ìtanípàá: kí ni ká máa pe eré ìparí?

Títíṣà, Oǹdó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa tó ń sá eré mítà 800 àti 1500. Ọ̀rọ̀ méjì ló dá mi dúró: pésìn, ìyẹn bí sárésáré ṣe ń pín agbára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti kíìkì, ìyẹn kó ṣàdédé yára sí i ní ìparí. Ẹnìkan bá mi tú kíìkì sí "ìtanípàá ìkẹyìn", ni àwọn ọmọ bá ń bi mí pé ta ni wọ́n fẹ́ ta nípàá. Kí ni ká máa pè wọ́n?

Bàbá Olùkọ́, Àkúrẹ́

Èdè wa ò tálákà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pe pésìn ní "ìrọra-sáré". Ẹ pe kíìkì ní "àsápajúdé". Kò sẹ́ni tí kò mọ eré àsápajúdé, òun lẹni tí ajá ń lé máa ń sá. Nígbà tí èmi náà ń sáré fún ilé-ìwé wa, bó bá ti ku mítà 100, a ó di ojú, a ó di ẹ̀ṣẹ́, ó di ojú okùn! Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kóòsì, Àkúrẹ́

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ má bínú sí mi. Dídi ojú àti dídi ẹ̀ṣẹ́ yẹn gan-an ni mo máa ń bá àwọn ọmọ jà lé lórí. Ẹni tó bá di ẹ̀ṣẹ́, èjìká rẹ̀ á gòkè, orí rẹ̀ á lọ sẹ́yìn, ìṣísẹ̀ rẹ̀ á kúrú. Lójú ara rẹ̀ ó ń yára. Aago ni kò ní gbà fún un. Bí ẹ bá kọ "àsápajúdé" sínú ìwé, ohun tí wọ́n máa ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ̀wé ju ìyẹn lọ. Nǹkan méjì ni àwọn èèyàn ń pè ní kíìkì. Èyí tó wà nínú 800 yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú 1500, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò sì lè gbé méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ kan ṣàlàyé.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi ní pápá níbí tó ń sá 800. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Ó ní, "Kóòsì, ọmọ yìí ò ní kíìkì rárá. Bó bá ti ku díẹ̀, gbogbo wọn á kàn máa kọjá lára rẹ̀ ni." Mo mú aago dání, mo ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo mítà 200. Èyí àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú-àáyá 30, èkejì 32, ẹ̀kẹta 35, èyí tó kẹ́yìn 38. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2:15. Ìyẹn ni pé róńdì kìíní gba 62, èkejì gba 73.

Ẹni tó jókòó síbi ìwòran, 38 yẹn nìkan ló rí. Èmi, 30 ni mò ń wò. Nínú 800, oníkálukú máa ń wà ní lẹ́ènì tirẹ̀ títí wọ́n á fi jáde nínú kọ́nà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo wọn á já wọlé sí lẹ́ènì kìíní, ẹ̀rù á sì máa ba kálukú kí wọ́n má sé òun mọ́ ẹ̀yìn. Nítorí ìjà ibi tí wọ́n á dúró yẹn, ọmọ náà ń ná owó oṣù rẹ̀ tán nígbà tí oṣù ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Mi ò kọ́ ọ ní eré ìparí kankan. Mo ní kó máa sá 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá 33, kó sinmi díẹ̀, kó tún un sá, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mọ 33 láìsí aago. Bó bá dé ní 31, mi ò ní yìn ín, inú rẹ̀ sì máa ń bà jẹ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é. Lọ́jọ́ ìdíje, ó sá 32, 33, 33.5, 33.5. Ìyẹn 2:12. Ní 200 tó kẹ́yìn, ó kọjá ọmọ mẹ́rin. Ariwo sọ: "Ó tẹná! Ó tẹná!" Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ẹ tún àwọn iye yẹn wò. Kò síbi tó ti tẹná. Àwọn mẹ́rin yẹn ló ń rẹ̀, òun dúró lójú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Òlíḿpíìkì Múníìkì lọ́dún 1972, nígbà tí Dave Wottle, ará Amẹ́ríkà tó dé fìlà sáré yẹn, fi 1:45.86 gba góòlù, tí èkejì rẹ̀ sì gba 1:45.89. Ẹ̀yìn pátápátá ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wo fídíò rẹ̀ á búra pé ó fò ní ìparí. Àwọn 200 rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò kúrò láàárín 26 sí 27.

Ti 1500 ló yàtọ̀. Mítà 300 ni wọ́n máa kọ́kọ́ sá kí wọ́n tó kan ojú okùn, lẹ́yìn náà róńdì mẹ́ta gbáko. Ọmọkùnrin kan lọ́dọ̀ mi sá 300 yẹn ní 49, ó wá sá róńdì rẹ̀ ní 68, 69, 62. Láti 69 bọ́ sí 62! Ìyẹn nìkan ni mo gbà pé ó tẹná, bí awakọ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pe ti 1500 ní "ìtẹná", ká pe ti 800 ní "ìderémú", kéèyàn di eré rẹ̀ mú kó má bọ́.

Ní ti pésìn, "ìrọra" ò bá a mu. 32 ọmọbìnrin yẹn kò rọra rárá. Ìjọba ní ètò ìṣúná owó. Ẹ jẹ́ ká ní "ìṣúná eré".

Ìyá Ìbejì, Ìjápọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ gírámà, ọ̀rọ̀ ọmọ mi ló gbé mi wá. Ó ń sá 1500. Wọ́n ní òkè ló ń fúnni ní kíìkì, ni mo bá ń mú un lọ gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ní gbogbo Sátidé, tòun ti omi tó máa mu lórí. Oṣù mẹ́ta rèé. Ó ń gùn ún bí ewúrẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń já a sílẹ̀ ní róńdì tó kẹ́yìn. Ṣé kí n fi kún un ni, kó di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀?

Asọ̀rọ̀-lórí-rédíò, Àkúrẹ́

Mo kí yín o. Kóòsì, mo ní ìjà méjì bá yín jà. Àkọ́kọ́, a máa ń sọ pé oòrùn wọ̀. Ibo ló wọ̀? Kò wọ ibì kankan, ayé ló ń yí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní ká yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ojú ló ń sọ èdè. Bí ojú gbogbo èèyàn bá rí i pé ọmọ yẹn tẹná, ó tẹná nìyẹn, mi ò lè máa wo aago kí n tó pariwo lórí afẹ́fẹ́.

Èkejì, ìṣúná yín ò bá ìtàn mu. David Rudisha, ọmọ Kẹ́ńyà, sá róńdì kìíní ní 49.28 ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012, ó sì fi 1:40.91 gba góòlù. Iwájú ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ṣún nǹkan kan ná! Ó tú gbogbo ẹ̀ síta ni.

Kóòsì, Àkúrẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ má fi kún un. Àtẹ̀gùn yẹn fún itan àti èémí rẹ̀ lágbára, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn ń pẹ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń tẹná gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kíákíá. Ẹ wá ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí kò ga jù. Kó sá a gòkè fún ìṣẹ́jú-àáyá 8 sí 10 péré, kó rọra rìn bọ̀, kó sinmi ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán, kó tó tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìsinmi yẹn ni àwọn òbí máa ń gé kúrù, torí ó ń jọ ọ̀lẹ lójú wọn. Bí wọ́n bá gé e, ó ti di iṣẹ́ èémí nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ eré mọ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, kó sá 600 bó ṣe ń sá 1500 rẹ̀, kó sinmi ìṣẹ́jú kan, kó wá fi gbogbo ara sá 200 láìdi ẹ̀ṣẹ́. Kó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́fà, kó tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹná nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo róńdì tó ń sá kó tó kan èyí tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, iná ò sí nínú mọ́tò láti tẹ̀, eré àárín ló yẹ kẹ́ ẹ bójú tó, kì í ṣe ìparí.

Asọ̀rọ̀-lórí-rédíò, ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Ẹ yọ 49.28 kúrò nínú 1:40.91 kẹ́ ẹ wo èyí tó kù. 51.63 ni. Ìyàtọ̀ ò ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti díẹ̀ lọ. Nínú 800, kò burú kí róńdì kìíní yá díẹ̀ ju èkejì lọ, ọmọbìnrin mi náà sá 65 àti 67. Ìyàtọ̀ 11 tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ìnákúnàá. Ti oòrùn yẹn, ẹ mú mi. Mi ò tíì rí èsì rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́, Àkúrẹ́

Mo jọ̀wọ́ àsápajúdé. Ìṣúná eré dára, ó ń sọ ti ẹni tó lówó tó sì mọ bí òun ṣe máa ná an. Ṣùgbọ́n "ìderémú" ń dún létí mi bí ẹni tó mú olè. Kóòsì, ẹ tún un rò.

Títíṣà, Oǹdó

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo gbé e lọ sí pápá lánàá kí n tó kọ ọ́. Bó ti ku 300 nínú 800, mo pariwo "Tẹná!" láti wò ó. Gbogbo wọn bẹ́ mọ́ ọn pátá. Nígbà tó fi ku 80, wọ́n ti ń sá bí ẹni tó wà nínú omi, èyí tó gbẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ tí kò gbọ́ mi ló wá ṣe ipò kìíní. Mo tún un ṣe pẹ̀lú àwọn mìíràn, mo ní "Di eré mú!" Àwọn wọ̀nyí sá dáadáa, àfi ọmọ kan tó dúró gbagidi láàárín ọ̀nà, ó ní, "Sà, kí n di kí ni mú?"

Mo ti kọ ìtẹná sábẹ́ 1500 àti ìṣúná eré sábẹ́ méjèèjì. Sábẹ́ 800, mo ṣì fi àyè sílẹ̀.